Oògùn Ibà Tó Ń Wá Ọ̀rá, Oògùn Ibà Tó Ń Sá fún Un

Lórí pẹpẹ ilé ìtajà oògùn, páálí oògùn ibà méjì lè fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, kí ẹni tó ń tà á sì ní èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ibà yóò lọ. Àkọ́kọ́ ni àpòpọ̀ átímẹ́tà àti lumẹfántìrínì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Koátẹ́ẹ̀mù tàbí Lónáàtì. Èkejì ni àpòpọ̀ dàídírò-átímísínínì àti pipẹrakúínì. Kòkòrò kan náà ni àwọn méjèèjì ń pa nínú ẹ̀jẹ̀. Ewéko kan náà láti ilẹ̀ Ṣáínà ni apá kan nínú oògùn kọ̀ọ̀kan sì ti ṣẹ̀ wá. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n kẹ̀yìn síra. Ti lumẹfántìrínì, oúnjẹ tó ní ọ̀rá ni kí ẹ jẹ sí i. Ti pipẹrakúínì, ìlànà tí àjọ abójútó oògùn nílẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí ni pé kó ti tó wákàtí mẹ́ta tí ẹ jẹun gbẹ̀yìn kí ẹ tó gbé e mì, kí ẹ sì tún dúró fún wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Èrò tó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé oúnjẹ tí wọ́n ní ká jẹ ṣáájú oògùn, nítorí agbára oògùn náà ni: kó má baà ta inú, kó má baà mú òòyì kọ́ni. Ẹni tó bá gbà pé inú òun le, a máa fojú di ìkìlọ̀ náà. Lóòótọ́, oògùn kan wà tó jẹ́ pé ìdí tí wọ́n fi ní ká jẹun nìyẹn. Oògùn ìrora bí ibuprófẹ́ẹ̀nì àti dàíkólófẹ́náàkì wà lára wọn, oúnjẹ sì máa ń dín ìgbóná inú tí wọ́n ń fà kù. Síbẹ̀, kò dá mi lójú pé àwọn tó ń gbé wọn mì lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ mọ̀ pé ọgbẹ́ inú ṣì lè wá. Inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn wọ̀nyí ń gbà dí ara lọ́wọ́ láti ṣe ohun tó ń dáàbò bo awọ ìnú ikùn, kì í ṣe pé kóró oògùn náà fara kan awọ yẹn nìkan ni. Oúnjẹ kò lè dènà ohun tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ bọ̀.

Ti lumẹfántìrínì kò jọ èyí rárá. Kì í ta inú ju oògùn mìíràn lọ. Ìdí tó fi ń fẹ́ oúnjẹ ni pé bí kò bá sí ọ̀rá nínú ikùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní wọ ara. Ẹnu ni ẹ ó ti gbà á, inú ìgbẹ́ ni yóò gbà jáde.

Kóró oògùn tí a gbé mì kò tíì dé inú ara. Inú ọ̀nà oúnjẹ ló wà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yòrò, kí ohun tó yòrò náà wá gba ara ògiri ìfun kékeré kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì gbé e gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dé gbogbo ara. Oògùn tó bá fẹ́ràn omi kì í ní ìṣòro nídìí yíyòrò. Àmọ́ lumẹfántìrínì jẹ́ ohun tó dà bí ọ̀rá fúnra rẹ̀, omi kì í sì í ràn án. Ẹ wo abọ́ tí wọ́n fi jẹ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí epo pupa ti dì mọ́ lára: bí ẹ da omi tútù sí i títí ilẹ̀ fi ṣú, epo náà kò ní kúrò, àfi tí ọṣẹ bá dé. Nínú ikùn wa, òróòro ló ń ṣe iṣẹ́ ọṣẹ. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro, àpò kékeré kan ló sì ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀dọ̀. Àpò yìí kì í fún ara rẹ̀ dáadáa tí ọ̀rá kò bá dé inú ìfun. Tí ọ̀rá bá dé, òróòro yóò tú jáde, yóò fọ́ ọ̀rá náà sí wẹ́wẹ́, lumẹfántìrínì yóò sì bá ọ̀rá wẹ́wẹ́ náà rìn wọlé.

Ìyàtọ̀ tí èyí ń mú wá kì í ṣe kékeré. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn tí ara wọn le, oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ sọ lumẹfántìrínì tó wọ ara di ìlọ́po 16 ohun tó wọlé nígbà tí inú ṣófo. Átímẹ́tà tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ ọn náà jàǹfààní, tirẹ̀ fi bí ìlọ́po méjì pọ̀ sí i. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ ra ẹran ọlọ́ràá. Ọ̀rá díẹ̀ náà ń ṣe é. Ìwádìí kan tí wọ́n fi mílíìkì ẹ̀wà sóyà ṣe fi hàn pé nǹkan bíi gíráàmù kan àti díẹ̀ tó láti mú kí èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn náà wọlé. Ìyẹn kò tó ọ̀rá tó wà nínú ẹyin kan.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tí ibà ń ṣe kì í fẹ́ jẹun. Ẹnu rẹ̀ ti korò, òórùn epo nìkan tó láti mú un bì. Kí ni wọ́n sì máa ń fún aláìsàn nílé? Ẹ̀kọ mímu lásán. Tíì tí kò ní mílíìkì. Búrẹ́dì gbígbẹ tàbí bisikíìtì kékeré kan. Nínú ọkàn wọn, ó ti jẹun. Lójú lumẹfántìrínì, inú òfìfo ló bá. Ògì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀rá kankan nínú, àfi kí ẹ da mílíìkì sí i, mílíìkì tí wọn kò tíì yọ ọ̀rá rẹ̀. Àkàrà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó, nítorí epo tó mu. Ẹ̀pà sísun ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó. Ẹyin sísè kan, mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi epo sí, bọ́tà lórí búrẹ́dì, gbogbo wọn ń ṣe é. Ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọyàn kò nílò ohun mìíràn, torí ọ̀rá wà nínú omi ọyàn.

Ká mú àpẹẹrẹ kan kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ká ní obìnrin kan ń ta aṣọ lọ́jà, ó tó kílò 65, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé ibà ni lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àgbàlagbà tó bá ti tó kílò 35 ń lo ìwọ̀n mẹ́fà lọ́jọ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá kọ 20/120 sára páálí, kóró mẹ́rin ni ìwọ̀n kan. Bí wọ́n bá kọ 80/480, kóró kan ṣoṣo ni. Ìwọ̀n kejì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, kí i ṣe wákàtí 12. Èyí ni pé aago méjì òru ló bọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá di àárọ̀ àti alẹ́: Àbámẹ́ta ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Àìkú ní mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ti ìkẹyìn ní mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Aago méjì òru yẹn ni ìjàngbọ̀n ti ń wá. Kò sẹ́ni tó ń dáná nígbà yẹn. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn á sùn mọ́ ọn, wọ́n á wá lò ó láàárọ̀, tàbí kí wọ́n jí, kí wọ́n fi omi lásán gbé e mì, kí wọ́n sì padà sùn. Ọ̀nà àbáyọ kò ju pé kó gbé ife mílíìkì tàbí ẹ̀pà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kó tó sùn, kó sì fi aago fóònù jí ara rẹ̀. Ká ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ni, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ìkejì ì bá bọ́ sí, yóò sì rọrùn. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí ìrọ̀rùn yẹn fi ibà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá sì bì í láàárín wákàtí kan tó gbé e mì, kó tún ìwọ̀n yẹn lò, kó sì lọ gba òmíràn dípò èyí tó bì kí iye rẹ̀ lè pé.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ẹni tó ṣe é bó ṣe yẹ àti ẹni tó fi omi lásán gbé gbogbo rẹ̀ mì, ara àwọn méjèèjì lè yá lọ́jọ́ kẹta. Oògùn méjì ló wà nínú kóró náà, wọ́n sì pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Átímẹ́tà ló ń kọ́kọ́ kọlu kòkòrò. Ó yára gidi. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó ti pa èyí tó pọ̀ jù, ara gbígbóná ti rọlẹ̀, orí fífọ́ ti lọ. Àmọ́ kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì péré, ìdajì rẹ̀ ti pòórá. Lumẹfántìrínì ni kì í yára, tó sì máa ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ara, òun ló wá ń ṣa àwọn kòkòrò tó ṣẹ́ kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí kò fi ní sí mọ́. Àwọn tó ń ṣèwádìí ibà máa ń wọn lumẹfántìrínì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ keje, nígbà tí aláìsàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ti gbàgbé oògùn, nítorí iye rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ń sọ bóyá ibà náà yóò padà tàbí kò ní padà.

Nítorí náà, obìnrin aláṣọ wa, tó bá ṣe pé tíì lásán ló fi lo gbogbo rẹ̀, yóò rí i pé ara òun ti yá ní ọjọ́ Ajé. Yóò lọ sọ́jà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ìwọ̀nba kòkòrò tó yè bọ́ yóò ti bí sí i, ara yóò sì tún gbóná. Ohun tí ó máa sọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn: ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún òun. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, a kò lè sọ pé ayédèrú kò sí. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀fọn tuntun ló jẹ ẹ́. Àmọ́ ojúlówó oògùn náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí kò fi ọ̀rá gbà á.

Ìdẹkùn mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò nígbà tí ara bá tún gbóná. Àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe, tó ń fi ilà pupa hàn, kì í ṣe kòkòrò fúnra rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń wá. Ohun tí kòkòrò tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá, ohun náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ilà pupa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kò wá túmọ̀ sí pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi awò amúǹkantóbi wo ẹ̀jẹ̀ náà, torí ìyẹn ló lè rí kòkòrò tó wà láàyè.

Mo rò pé ara ohun tó fa àṣà yìí ni klorokúínì. Àwọn tó dàgbà láàárín wa rántí rẹ̀ dáadáa: mẹ́rin, mẹ́rin, méjì, àti ara yíyún tó ń gba oorun lójú ẹni. Klorokúínì kò nílò ọ̀rá kó tó wọ ara. Ẹ jẹun ni, ẹ kò jẹun ni, ó wọlé. Ní ọdún 2005 ni Nàìjíríà pa á tì gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún ibà torí kòkòrò ti mọ́ ọn lára, tí wọ́n sì fi àpòpọ̀ átímẹ́tà àti lumẹfántìrínì rọ́pò. Oògùn yí padà, bí a ṣe ń lò ó nílé kò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí páálí kejì, ti pipẹrakúínì. Òun náà fẹ́ràn ọ̀rá. Bí ẹ bá fi oúnjẹ ọlọ́ràá gbà á, èyí tó wọ ara yóò fi bí ìlọ́po mẹ́ta pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti ka ọ̀rọ̀ wa dé ibí lè sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Kò dára. Pipẹrakúínì máa ń fa àkókò tí ọkàn fi ń sinmi kó tó tún lù gùn, bí ó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, lílù ọkàn lè ṣe ségesège. Ìwọ̀n tí wọ́n fi sínú kóró náà, wọ́n ti ṣírò pé inú òfìfo ni yóò bá, iye tó sì ń wọlé láìsí oúnjẹ tó láti pa kòkòrò. Ọ̀rá ń gbé e kọjá ibi tí a fẹ́ kó dúró. Ẹni tí àrùn ọkàn ń bá jà, tàbí tó ń lo oògùn mìíràn tó ń kan lílù ọkàn, gbọ́dọ̀ sọ fún apòògùn kó tó gbà á rárá. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé oògùn ibà ń fẹ́ àkàrà, kó wá lọ jẹ àkàrà sí oògùn ibà gbogbo.

Ìdí mìíràn tún wà tí wọ́n fi ń ní kí inú ṣófo, ó sì yàtọ̀ sí ti pipẹrakúínì. Àpẹẹrẹ tó yé mi jù ni rìfámípísìnì, tó wà lára oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ní ká máa lò ó. Oúnjẹ ọlọ́ràá ń dá ikùn dúró, kì í jẹ́ kó tètè tú ohun inú rẹ̀ sínú ìfun. Oògùn náà yóò wá wọlé díẹ̀díẹ̀ dípò kó ya wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá wọn èyí tó ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, oúnjẹ ọlọ́ràá máa ń gé bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ sọnù. Rìfámípísìnì sì jẹ́ oògùn tó jẹ́ pé bí ó bá ṣe ga tó nínú ẹ̀jẹ̀ ló ṣe ń pa kòkòrò tó. Àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ ohun kan tí ìwé kì í tẹnu mọ́: aláìsàn tí oògùn bá ń rìn nínú lórí òfìfo lè pa oògùn náà tì pátápátá, oṣù mẹ́fà sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kó fi oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ gbà á. Èyí tó wọlé díẹ̀ sàn ju èyí tó wà nínú ike lọ. Mo fara mọ́ wọn.

Inú òfìfo tí a ń sọ yìí kì í ṣe pé ebi ń pani. Ìwọ̀nba àkókò tí ikùn fi ń tú ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Omi lásán kì í pẹ́ níbẹ̀, láàárín bí ààbọ̀ wákàtí, èyí tó pọ̀ jù ti lọ. Èso díẹ̀ kì í gbà tó oúnjẹ. Àmọ́ àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀ àti ẹran ọlọ́ràá lè wà ní ikùn fún wákàtí mẹ́rin, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó jẹ irú rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ tó sì lo oògùn ní méjìlá kò lo oògùn lórí òfìfo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí méjì ti pé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo rìfámípísìnì láàárọ̀ kùtù, kí oúnjẹ tó dé. Tíì pẹ̀lú mílíìkì náà oúnjẹ ni, bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé kò tó nǹkan.

Oògùn méjì yìí tún lè pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, nítorí kò ṣọ̀wọ́n níbí kí ibà kọlu ẹni tó ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ lọ́wọ́. Ẹni náà lè ṣe ohun gbogbo tí a ti sọ: rìfámípísìnì láàárọ̀ lórí òfìfo, lumẹfántìrínì lẹ́yìn àkàrà, aago òru kò sì tàsé. Síbẹ̀ ibà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a pa dà. Rìfámípísìnì máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú fífọ́ àwọn oògùn mìíràn sí wẹ́wẹ́, átímẹ́tà àti lumẹfántìrínì sì wà lára àwọn tó ń bá pàdé jù. Ọ̀rá ràn wọ́n lọ́wọ́ wọlé, ẹ̀dọ̀ run wọ́n kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Kò sí oúnjẹ tó lè tún ìyẹn ṣe, nítorí náà ni wọn kì í fi wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ara rẹ̀ sì gbóná, kó má lọ rà oògùn ibà ní ọ̀nà ilé. Kó mú káàdì ìtọ́jú rẹ̀ dání lọ bá àwọn tó ń fún un ní rìfámípísìnì, kí wọ́n yàn fún un èyí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní fọ́ dànù.